Lẹ́tà sí àbúrò mi tí wọ́n ní kó kọ ìwé ìbánikẹ́dùn

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka ìwé tí o fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, èyí tí ọ̀gá yín ní kí o kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá sí Àlàájì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tí ìyá wọn jáde láyé. Ó hàn nínú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ Àlàájì dùn ọ́ dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò bá irú òkú tó kú mu, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá tó lé ní ọgọ́rin ọdún, tó rí ọmọ, tó rí ọmọ-ọmọ, tó wà nílé ara rẹ̀ ní Pàkátà kí ọlọ́jọ́ tó dé, kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. O pè é ní ikú òjijì, o tún gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣe é ní àṣemọ. Ilé tí ọ̀dọ́ ti kú, tàbí tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀, la ti ń gba irú àdúrà yẹn. Bí àgbà ilé bá gbọ́ ọ lórí ìyá arúgbó, yóò máa wò yíká pé ta ló tún kú. Fetí sí ohun tí àwọn tó ń wọlé kí Àlàájì ń sọ: "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn ó dára." Ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu yẹn náà ni kó wà nínú ìwé. Èyí kò ní ká má sọ pé ó dun Àlàájì o. Ọmọ ọgọ́ta ọdún tí ìyá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ ló kú. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù" ló gba ìyẹn, nítorí náà òun ni kí o fi ṣáájú.

O tún kọ ọ́ pé ẹ ń retí ètò ìsìnkú láti ẹnu ẹbí. Ètò wo? Wọ́n ti kírun sí Àlàájà lára, wọ́n ti sin wọ́n kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ náà tó ṣú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní Ìlọrin. Ká ní Omù-Àrán ni, tó sì jẹ́ ilé onígbàgbọ́, wọ́n lè gbé òkú sí mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí àìsùn àti ìsìn ìdágbére wà. Gbólóhùn rẹ ì bá bọ́ síbẹ̀. Níbi tí a wà yìí, àdúrà fídáù ọjọ́ kẹjọ ló sábà máa ń kù tí èrò máa ń pé sí. Má sì tíì kọ ọ̀rọ̀ fídáù sínú ìwé kí o tó bi ẹnì kan nínú ilé, nítorí àwọn ilé mìíràn wà tí kì í ṣe é rárá, ohun tí àfáà wọn kọ́ wọn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà gba kí èèyàn wádìí. Ní ìhà Ìgbómìnà wa lọ́hùn-ún, ìyá lè jẹ́ Mùsùlùmí kí ọmọ ó jẹ́ onígbàgbọ́, inú ilé kan náà. Ẹ̀sìn ẹni tó kú ni àdúrà òkú máa ń tẹ̀lé lójú tèmi. Ẹ̀sìn ẹni tó wà láyé ni kí o fi tù ú nínú. Ti Àlàájì kò nira, Mùsùlùmí ni ìyá, Mùsùlùmí ni ọmọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fagi lé lẹ́tà mẹ́ta RIP tí o tẹ̀ sísàlẹ̀ abala Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni kò fẹ́ ẹ, ó sì dà bí ẹni tó ń kánjú kúrò níbi òkú.

Nípa abala Gẹ̀ẹ́sì yẹn, mo mọ ìdí tó fi yẹ kó wà. Àwọn Núpé wà ní ọ́fíìsì yín, Bààrùbà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló máa fọwọ́ sí i, ó sì yẹ kí wọ́n lè ka ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́rin tó o. Àkọ́kọ́, ẹ kẹ́dùn lórí ikú ìyá wọn, ẹ sì kọ orúkọ ìyá pẹ̀lú oyè Àlàájà. Ìkejì, ẹ mẹ́nu ba ohun kan tí ẹ mọ̀ nípa wọn. Ìkẹta, ẹ gbàdúrà. Ìkẹrin, ẹ jẹ́ kí Àlàájì mọ ẹni tó gba iṣẹ́ wọn mú, kí ọkàn wọn lè balẹ̀ láti jókòó ti àlejò. Yọ ọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ tútù ikú kúrò, àti àdánù tí kò ṣeé dí. Gbogbo ìwé ìbánikẹ́dùn tó wà ní Nàìjíríà ló ní wọn, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í sì í kà á mọ́. Má tún wá mú gbólóhùn mẹ́rin yìí kí o máa yí i sí Yorùbá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá àti ẹ̀gbọ́n tó wà nílé ni wọ́n máa ka Yorùbá sí létí, àdúrà ni wọ́n ń retí.

Mo tún ti Yorùbá kọ báyìí, wò ó:

"Àlàájì wa ọ̀wọ́n, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá wa, Àlàájà, tí Ọlọ́hun pè lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Gbogbo àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá ẹ̀yin àti ẹbí kẹ́dùn. Ti Ọlọ́hun ni wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ náà la ó sì padà sí. A rántí ìgbà tí a wá kí yín níléyá, tí ìyá béèrè orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, kí wọ́n tó ṣàdúrà fún un. Kí Ọlọ́hun forí àṣìṣe wọn jì wọ́n, kí Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè wọn, kí Ó fi alijánà ṣe ibùgbé wọn. Kí Ó fún yín ní ìfaradà. Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́, ọmọ ni yóò gbẹ̀yìn yín."

O rí i pé "wọ́n" ni mo fi pe ìyá látòkè délẹ̀, "ẹ" ni mo sì fi ń bá Àlàájì sọ̀rọ̀. Nínú tìrẹ, o ti kọ "ìyá rẹ" lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ipò yín ní ọ́fíìsì dọ́gba. Wọ́n jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí, ó tán. Ìtàn iléyá yẹn, ìwọ lo sọ ọ́ fún mi, síbẹ̀ o kò fi í sínú ìwé tìrẹ. Òun ni Àlàájì máa mú lọ́wọ́ jù lọ.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ọ́fíìsì, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i lónìí, kí ẹ gbé e lọ sílé. Ti Wọ́sáàpù lè tẹ̀lé e lẹ́yìn. Owó sàráà tí ẹ dá jọ, inú àpò ìwé ọ̀tọ̀ ni kó wà, kí ẹ má kọ iye rẹ̀ sínú lẹ́tà, nítorí wọ́n máa kà á síta lójú èrò. Bí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ̀yin obìnrin kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ àwọn ìyá nínú ilé kí ẹ kúnlẹ̀ kí wọn.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni.