Lẹ́tà ìwáṣẹ́ mi àti ìwé tó wà lọ́dọ̀ rẹ

Kàbà,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Òkun o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń ní i lọ́kàn láti kọ̀wé sí ọ ní Kàlàbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìdádúró mọ́, nítorí pé ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọn yóò dáwọ́ gbígba lẹ́tà dúró. Ara Màmá ti yá, wọ́n ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe, àbúrò mi sì ti rí ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀. Ìyókù di ìgbà tí a bá fojú kan ara wa.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra kajú ń wá akọ̀wé fún ibùdó ìrajà wọn ní agbègbè wa. Ohun mẹ́ta ni wọ́n béèrè nínú ìkéde wọn: ẹni tó lè tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà, ẹni tó lè bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, àti ẹni tó mọ kajú tó gbẹ yàtọ̀ sí èyí tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, àfi bí ẹni pé èmi àti ìwọ ni wọ́n ń pè. Mo jókòó lọ́jọ́ náà, mo sì kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ olójú-ìwé kan. Mo kọ ọ́ pé mo jẹ́ ọ̀dọ́ tó ní ìtara, pé mo mọ̀ nípa àkọsílẹ̀ dáadáa, pé mo lè bá gbogbo ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, àti pé ara mi gba wàhálà. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo parí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja ló jí mi lójú oorun. Ó wá kí wa lópin ọ̀sẹ̀, mo sì ní kí ó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo orúkọ mi nísàlẹ̀ ìwé náà, ó ní: "Ta ló kọ èyí?" Mo ní èmi ni mo kọ ọ́. Ó ní: "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi orúkọ ẹlòmíràn tí ẹ jọ jáde síbẹ̀, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí yóò di irọ́?" N kò rí ìkankan. Ó wá gbé kálàmù, ó fa ìlà sábẹ́ "ìtara," sábẹ́ "dáadáa," àti sábẹ́ "gbogbo ènìyàn," ó sì bi mí léèrè ohun tí mo bá nílẹ̀ ní ibùdó kajú tí èmi àti ìwọ ti ṣe iṣẹ́ ìdánrawò, ohun tí mo ṣe sí i, ohun tó yí padà, àti ẹni tó lè jẹ́rìí sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí àwọn rìsíìtì inú ọ̀rá wọ̀nyẹn. O kò lè gbàgbé bí a ṣe máa ń ka àpò lálẹ́ tí iye tó wà nílẹ̀ kì í bá ti inú ìwé mu, tí ọ̀gá yóò sì máa wò wá bí ẹni pé a jí i. Àṣé a ń kọ rìsíìtì nígbà tí àgbẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ ni, ṣáájú kí a tó fi èékánná tẹ èèpo kóró rẹ̀ wò. Bí èékánná bá wọ èèpo, a ó ní kí onítọ̀hún gbé e padà lọ sá, àpò náà yóò lọ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ yóò kù sínú ìwé wa. Ìgbà tí a fòfin de kíkọ rìsíìtì kí a tó yẹ kóró wò kí a sì wọ̀n ọ́n ni nǹkan tó tòrò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìtàn yẹn gan-an ni kí n fi rọ́pò "mo mọ̀ nípa àkọsílẹ̀ dáadáa." Mo kọ́kọ́ ṣe é ní àṣejù. Mo kọ ọ́ pé mo ṣàkóso tọ́ọ̀nù 51 kajú, nítorí pé àpò 640 la gbà, mo sì fi kílò 80 tí àpò kan ń gbà sọ ọ́ di púpọ̀. Ó ní: "Ṣé gbogbo àpò ló kún?" Rárá. "Ṣé ìwọ lo ń ṣàkóso?" Rárá, mo ń wọ̀n ọ́n, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ó ní kí n lo ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ ọwọ́ mi mu, nítorí ẹni tó bá pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yóò béèrè bí mo ṣe ṣàkóso rẹ̀, ojú yóò sì tì mí. Mo tún kọ ọ́ pé àṣìṣe dín kù ní ìdá 89 nínú 100. Ó ní àpò mẹ́sàn-án tó di ẹyọ kan kò tó nǹkan tí a ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún bò mọ́lẹ̀. Kí n kọ iye rẹ̀ gan-an, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ wò ó. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí nìyí:

"Ní oṣù mẹ́ta, èmi àti ẹnìkejì mi wọn àpò kajú 640, a sì kọ wọ́n sílẹ̀. Mo dá a lábàá pé kí a má ṣe kọ rìsíìtì títí a ó fi yẹ kóró wò tí a ó sì wọ̀n ọ́n, ẹnìkejì mi sì mú àbá rìsíìtì oníméjì wá. Àpò tí kò bá ìwé mu jẹ́ 9 ní oṣù Kejì; ní oṣù Kẹrin, 1 péré ni."

Fún ọ̀rọ̀ èdè, mo yọ "gbogbo ènìyàn" kúrò, mo sì kọ nípa bàbá tó gbé àpò mẹ́rin tútù wá láti ọ̀nà Ìyàmọ́yè tó sì ń bínú. Pé mo fi èdè Owé wa ṣàlàyé fún un, mo fi èèpo tí èékánná wọ̀ hàn án, ó sì gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà wá ní gbígbẹ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. N kò kọ orúkọ rẹ̀, n kò sì kọ iye tí a rà á, nítorí òwò ẹni tó gbà wá síṣẹ́ ni. Ipò akọ̀wé ilé ibùgbé tí mo dì mú ní ilé-ẹ̀kọ́, mo yọ ọ́ pátápátá, bó tilẹ̀ dùn mí, nítorí kò dáhùn ìkankan nínú ohun mẹ́ta tí wọ́n béèrè.

Wàyí o, ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni 9 yẹn. Orí ni mo ti mú un wá. Ìwé oṣù Kẹrin wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ti oṣù Kejì, èyí tó ní ẹ̀yìn búlúù tí epo ta sí, ọ̀dọ̀ rẹ ló wà. Jọ̀wọ́, bí o bá kó o lọ sí Kàlàbá, bá mi ṣí i, kí o ka iye àpò tí kò bá ìwé mu ní àwọn ọjọ́ tí a fi bíírò pupa yí ká, kí o sì ya àwòrán ojú-ìwé wọn ránṣẹ́ sí mi. Bó bá jẹ́ 6, 6 ni n ó kọ. Bí ìwé náà kò bá sí mọ́, n ó fi iye oṣù Kẹrin nìkan sílẹ̀, n ó sì sọ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Sọ fún mi pẹ̀lú bóyá ìwọ lo mú àbá rìsíìtì oníméjì wá lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀. N kò fẹ́ kí ohun tí mo kọ nípa iṣẹ́ rẹ ṣì.

Títí di alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni n ó máa retí rẹ. Bá mi kí àwọn ará ilé rẹ níbẹ̀.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.