Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Oníbúrẹ́dì sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ lórí Ilé Búrẹ́dì tí Wọ́n Tì Nítorí Ìkéde Owó

Sí Ọlọ́lá, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. A kí yín, a kí ilé, a kí gbogbo ìgbìmọ̀ yín. Àwa ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì ìlú yìí ni a fi ọ̀wọ̀ kọ ìwé yìí, àwa tí kò sí ilé kan láti ibodè dé ọjà tí kì í jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ wa kí oòrùn tó yọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún yín, àwa la gbé búrẹ́dì wá fún àlejò, a kò sì gba kọ́bọ̀. A kò sọ ọ́ láti fi ṣe ìrègún. A sọ ọ́ kí ẹ lè rántí pé ará ilé yín ni wá.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin wá sí ilé búrẹ́dì ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, opó tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n fa ìwé tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ya. Wọ́n ní ó fowó lé búrẹ́dì láìgbàṣẹ, pé èrè àjẹjù ló ń wá, wọ́n sì bu ₦50,000 lé e gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ṣéènì ti ilẹ̀kùn. Òní ló pé ọjọ́ kẹrin, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Kí ni ìwé náà wí tó fi di ẹ̀ṣẹ̀? Oníbàárà rẹ̀ kan ti dà á kọ kí wọ́n tó ya á. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

“Ẹ̀yin oníbàárà mi, láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, búrẹ́dì ńlá tí ẹ ń rà ní ₦1,150 yóò di ₦1,300. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo fi ₦1,150 lélẹ̀, ₦52,000 ni mo ń ra àpò fúláwà kan. Ní báyìí, ₦64,000 ni wọ́n ń tà á fún mi. Dísẹ́ẹ̀lì àti ọ̀rá tí mo fi ń wé búrẹ́dì náà ti fi ₦2,500 kún ìnáwó orí àpò kọ̀ọ̀kan. Mo lè dín búrẹ́dì kù kí n má fọwọ́ kan owó, ọ̀pọ̀ nínú yín kò sì ní tètè mọ̀. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Gíráàmù 850 ni mo ń wọ̀n kó tó wọ ààrò, 850 náà ni yóò máa jẹ́. Bí fúláwà bá wálẹ̀, màá dín owó kù, màá sì lẹ ìwé mìíràn síbí. Ẹni tí kò bá dá lójú, kó wá wo òṣùwọ̀n mi.”

Ọlọ́lá, ìwé tí wọ́n torí rẹ̀ ti ilé búrẹ́dì nìyẹn.

Nítorí ọ̀rọ̀ èrè àjẹjù yẹn, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ jókòó ti ìwé ìnáwó obìnrin náà. Àpò fúláwà kan jẹ́ kílò 50. Bí a bá pò ó pẹ̀lú omi, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì àti iyọ̀, tí a yọ èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ àti tábìlì kúrò, búrẹ́dì 98 ló ń jáde. Ẹ jẹ́ ká ní méjì jóná tàbí kó fọ́, 96 ló kù fún títà. Fúláwà àti gbogbo èròjà yòókù gba ₦86,500. Igi ìdáná àti dísẹ́ẹ̀lì gba ₦10,500, ọ̀rá gba ₦3,000, owó àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦12,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦112,000. Bó bá tà á ní ₦1,150, ₦110,400 ni yóò rí, ó ti jẹ gbèsè ₦1,600 lórí àpò kan. Bó bá tà á ní ₦1,300, ₦12,800 ló máa ṣẹ́ kù, inú rẹ̀ ni yóò sì ti san owó ilé, àtúnṣe ọkọ̀ àti owó orí tiyín. Kí fúláwà tó wọ́n, ₦12,900 ló ń ṣẹ́ kù fún un. Èrè tó ń wá fi ₦100 dín sí ti tẹ́lẹ̀. Òun ni wọ́n pè ní àjẹjù.

Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ di fúláwà ti ń wá. Ẹ̀yin náà sì mọ bí náírà ti ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là láti oṣù Kẹfà ọdún 2023. Kì í ṣe opó kan ní ìgboro ló ṣe é.

Ohun tó dùn wá jù ni pé ká ní ó rẹ́ àwọn ènìyàn jẹ ni, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Bó bá dín ìwọ̀n tó ń wọ ààrò kù láti gíráàmù 850 sí 750, búrẹ́dì 111 ni yóò rí nínú àpò kan náà. Bó bá ta 109 ní ₦1,150 àtijọ́, ₦125,350 ni yóò kó jọ, èyí tó ju ₦124,800 tí yóò rí bó bá ta 96 ní ₦1,300 lọ, láìlẹ ìwé kankan. Àwọn tó ń ṣe é wà. Wọ́n á fi omi àti yíìsì kún un kó lè wú, àwọn ìkà inú wọn á tún lo bromáàtì tí NAFDAC ti fòfin dè tipẹ́. Ẹ fọwọ́ tẹ irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀, kì í dìde padà. Ihò ńláńlá ló máa wà nínú rẹ̀, yóò sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n: èyí tí a wọ̀n ní 850 kó tó wọ ààrò máa ń jáde ní nǹkan bíi 750, torí omi tó gbẹ nínú iná; èyí tó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti dín in kù. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti fi ẹjọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ sun àwọn òṣìṣẹ́ yín. Kò sẹ́ni tó gbé ṣéènì lọ síbẹ̀.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yín fi máa dé ilé búrẹ́dì opó náà, fúláwà àpò mẹ́ta ti wà nínú páànù, ó ti ń wú. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yan án tán, kò ní ju wákàtí kan lọ. Wọ́n kọ̀. Fúláwà tí yíìsì ti wọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ojú fèrèsé la ti ń wò ó: ó ṣàn kọjá etí páànù, ó rì padà, ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi kan. Èròjà ₦259,500 ló dànù, a kò tíì ka igi àti owó òṣìṣẹ́. Àwọn ìyá oníkiri tó wá gbé ọjà gbé agbọ̀n òfìfo padà sílé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bi àwọn òṣìṣẹ́ yín léèrè òfin tí wọ́n tẹ̀lé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà ló pa á láṣẹ pé kí ẹni tó ń tajà fi iye ọjà hàn kedere. Ohun tí òfin ní kó ṣe ló ṣe, ó tún fi àlàyé kún un.

Ti owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀ka mẹ́ta ń gbà lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo, àti ti kòtò ọ̀nà ọjà, a ó mú un wá lọ́jọ́ mìíràn.

A bẹ̀ yín, Ọlọ́lá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ilé búrẹ́dì náà, kí wọ́n fagi lé ₦50,000 yẹn, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì san owó èròjà tó bàjẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ yín mọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ tún fa ìwé owó ọjà ya lẹ́nu ọ̀nà ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Ẹ ó rántí pé ní oṣù Keje ọdún 2022, àwọn oníbúrẹ́dì jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Àwa àgbà inú ẹgbẹ́ kò fẹ́ kí ọmọ kankan lọ sílé ìwé láìjẹun. Àmọ́ ọjọ́ Ajé ni ìpàdé wa, àwọn ọ̀dọ́ ti ń bi wá pé kí ló dé tí ààrò wa ṣì ń gbóná nígbà tí ti ìyá wọn tutù. A fẹ́ ní èsì yín lọ́wọ́ ká tó wọlé ìpàdé.

Àwa ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Alága, Akọ̀wé àti Akápò, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́