Wákàtí wo ni wọ́n fẹ́ sanwó fún?

Ìkéré-Èkìtì,
Ọjọ́ Àìkú.

Fọlákẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òjò ti ṣú sórí Olósùnta láti àárọ̀, kò sí oníbàárà kankan, ìyẹn ni mo fi ráyè kọ ọ̀rọ̀ tí a ò sọ tán lórí fóònù lálẹ́ àná. O ní àwọn tó fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò fẹ́ràn rẹ. Inú mi dùn. O ní ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún wákàtí 30 ni wọ́n fẹ́ kí o tẹ̀ ní Yorùbá, pé ₦10,000 ni wákàtí kan, kí o sì parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bi ọ́ pé wákàtí wo? O dákẹ́.

Wákàtí tí ohùn fi ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí wákàtí tí ìwọ fi jókòó tì í. Ìwọ náà lo sọ fún mi pé ohùn wákàtí kan tó já gaara máa ń gbà tó wákàtí 4, pé bí àwọn èèyàn bá ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn, tí jẹnẹrétọ̀ tún ń dún lẹ́yìn wọn, ó lè tó 6 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká mú 5. Iṣẹ́ wákàtí 150 nìyẹn. Bó bá jẹ́ wákàtí ohùn ni wọ́n ń sanwó fún, ₦300,000 ni gbogbo rẹ̀, ₦2,000 péré ló sì bọ́ sí fún wákàtí kan tó o fi ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ wákàtí iṣẹ́ ni, ₦1,500,000 ni. Èmi rò pé wákàtí ohùn ni wọ́n ní lọ́kàn, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣírò irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n má gba tèmi, bi wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ńkọ́? Bó o bá ń ṣe wákàtí 6 lóòjọ́, ọjọ́ 25 ni.

Ọ̀rọ̀ àmì orí ọ̀rọ̀ tún wà ńbẹ̀. Ṣé wọ́n fẹ́ ẹ àbí wọn ò fẹ́? Bí wọn ò bá sọ ọ́ báyìí, tí o kó iṣẹ́ dé, tí wọ́n wá ní kí o fi àmì sí i, láti òkè dé ilẹ̀ lo máa tún kà á. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ilé-ìwé kan gbé yunifọ́ọ̀mù 80 fún mi nígbà kan, a dúnàádúrà iye ẹyọ kan, ó parí. Ọjọ́ tí mo kó wọn dé ni wọ́n yọ báàjì jáde, wọ́n ní kí n rán an mọ́ àpò àyà gbogbo wọn, pé ó wà nínú owó tí a sọ. Òru méjì ni mo fi rán an. Mi ò ní ìwé kankan tí mo lè nà sí wọn.

Nítorí náà, kọ̀wé sí wọn lọ́la, kí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà má tíì kúrò lọ́kàn wọn. Má jẹ́ kó gùn. Irú èyí tó:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá bí mo ṣe gbọ́ ọ náà ni ẹ ṣe sọ ọ́. Ohùn wákàtí 30 ni, mo máa tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì, mo sì máa fi orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ṣé wákàtí ohùn ni ₦10,000 wà fún, àbí wákàtí iṣẹ́? Ọ̀sẹ̀ 5 ni mo lè fi ṣe é dáadáa, ohùn wákàtí 10 lẹ́ẹ̀kan, bí gbogbo ohùn náà bá dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ lè dá a padà fún àtúnṣe? Bí mo bá fi apá kan ránṣẹ́, ọjọ́ mélòó lẹ́yìn rẹ̀ ni owó rẹ̀ máa wọlé, ṣé ẹ máa yọ owó orí níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn ìṣẹ́jú 10 ránṣẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ìṣẹ́jú 10 yẹn ṣe pàtàkì sí mi ju gbogbo ìyókù lọ. Gbé aago síwájú, kí o tẹ̀ ẹ́ tán pẹ̀lú àmì. Bó bá gba ìṣẹ́jú 50, ìṣirò wa dúró. Bó bá gba 80, wákàtí 240 ni iṣẹ́ náà, ₦10,000 ò sì tó mọ́ nìyẹn. Kí o ti mọ iye tí o kò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó fèsì, torí bí wọ́n bá pè ọ́ lójijì, o máa ní “kò burú, sà.” Mo mọ̀ ọ́.

Bó bá jẹ́ ìpè ni wọ́n fi dáhùn, gbọ́ tiwọn, kí o tún fi ohun tí ẹ sọ ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ní “ẹ bẹ̀rẹ̀ ná, a máa sọ ti owó,” má tẹ ju ìṣẹ́jú 10 yẹn lọ.

Mo fi elùbọ́ rán dírẹ́bà tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti san owó ẹrù níbí, ó wà lára ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ àpò náà. Bó bá ní kí o sanwó, fi hàn án.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.