Bí Wọ́n Bá Ní “Kí Ni Kí N Sè Lálẹ́?”

Ìbàdàn

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Gbogbo ilé ń kí ọ. Mo ti ka àwọn ìbéèrè tí àwọn oníbàárà rẹ ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, tí o ní kí n bá ọ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ: “Àǹtí, kí ni kí n sè lálẹ́ yìí?” Wọn ò sọ iye ènìyàn, wọn ò sọ ohun tó wà nílé, wọn ò sọ aago tí wọ́n fẹ́ jẹun. Ìwọ náà á sì dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n se ẹ̀wà, tàbí kí wọ́n ro ẹ̀fọ́. Ẹni tí o ní kó se ẹ̀wà yẹn lè máà ní ju ìṣẹ́jú 40 lọ, kí gáàsì rẹ̀ sì ti fẹ́ẹ́ tán. Ẹni tí o ní kó ro ẹ̀fọ́ lè gba àlejò kan tí ètè rẹ̀ máa ń wú bó bá ti jẹ edé.

Bi wọ́n léèrè kí o tó dáhùn, ṣùgbọ́n má bi wọ́n jù. Bí o bá to ìbéèrè mẹ́wàá ránṣẹ́ sí ẹni tí ebi ń pa, búrẹ́dì ni yóò lọ rà. Ìbéèrè mẹ́ta tó nítumọ̀ ti tó lẹ́ẹ̀kan náà, kí o sì wo ìdáhùn wọn kó o tó mọ̀ bóyá o nílò ẹ̀kẹrin.

Èyí tó ṣáájú ni ohun tó lè pa ènìyàn lára. Má ṣe béèrè pé, “Ṣé nǹkan kan wà tí ẹ kì í jẹ?” Wọ́n á ní rárá, gbogbo nǹkan làwọn ń jẹ, torí ara wọn nìkan ni wọ́n rò mọ́ ọn. Bi wọ́n báyìí: “Nínú àwọn tó máa jẹ ẹ́, ta ló ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọgbẹ́ inú? Ṣé ẹ̀pà, edé, ẹja tàbí ẹyin ti ṣe ẹnikẹ́ni rí? Ṣé ẹnì kan ní èèwọ̀?” Orúkọ edé ni kó o dá ní pàtó, má sọ pé “ohun inú omi”, torí edé lílọ̀ máa ń wà nínú ọbẹ̀ tí kò sí ẹja kankan níbẹ̀, ẹni tó sè é pàápàá á ti gbàgbé pé òun fi sí i. Fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, béèrè iye Mágí tí wọ́n máa ń fi sí ìkòkò. Iyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì Mágí, nítorí náà ẹni tó bá ní òun ti dín iyọ̀ kù, tó sì ń fọ́ hóró mẹ́ta sí ọbẹ̀ ènìyàn mẹ́rin, kò tíì dín nǹkan kan kù.

Bí wọ́n bá dárúkọ àtọ̀gbẹ, ìbéèrè kan tún wà tí ọ̀pọ̀ alásè kì í rántí: “Ṣé wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí wọ́n ń lo oògùn kí wọ́n tó jẹun, aago mélòó sì ni?” Bí wọ́n bá ti gba abẹ́rẹ́ tán tí oúnjẹ sì pẹ́ kó tó dé, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀: wọ́n á máa làágùn, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn á dàrú. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tí kò ní pẹ́ sàn ju oúnjẹ aládídùn tó máa pé wákàtí méjì lórí iná. Má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò ní ṣúgà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n kì í tètè gbé ṣúgà sókè bí èyí tó pọ́n, àmọ́ òkèlè ńlá mẹ́ta yóò gbé e sókè ṣá. Bí òkèlè ṣe tóbi tó ni kó o bá wọn sọ.

Lẹ́yìn èyí ni aago. Bi wọ́n ní aago tí oúnjẹ gbọ́dọ̀ délẹ̀, má bi wọ́n ní ìgbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àsìkò tí ìkòkò wà lórí iná nìkan ni àwọn ènìyàn máa ń kà. Wọn kì í ka ṣíṣa ẹ̀wà, wọn kì í ka lílọ sí ẹ̀rọ ata, wọn kì í sì í ka yìnyín. Ẹran tó dì gbagidi nínú fìrísà, tó tó ìdajì kílò, máa ń gbà tó wákàtí kan nínú omi tútù kó tó tú, inú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀ ni kó sì wà. Ìyẹn kó tó kan iná rárá, bó bá sì jẹ́ ẹran ewúrẹ́, ó tún kù tó wákàtí kan kó tó rọ̀. Ẹni tó bá kọ̀wé sí ọ láago 6 pé ẹran ewúrẹ́ òun wà nínú fìrísà kò ní ẹran fún alẹ́ ọjọ́ náà. Sọ bẹ́ẹ̀ fún un kíákíá. Mọ́ín-mọ́ín náà rí bẹ́ẹ̀: rírẹ, bíbó, lílọ̀, kó tún wà lórí iná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Mú un kúrò lọ́kàn láṣálẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ohun tó wà nílé. “Kí lẹ ní nílé?” á jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo ilé ìdáná lé ọ lórí, láti orí iyọ̀ dé orí gààrí. Ohun tí mo máa ń béèrè ni, “Kí ló máa bàjẹ́ bí ẹ ò bá sè é lónìí?” Ìdáhùn rẹ̀ kì í ju ohun kan tàbí méjì lọ, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀fọ́ tàbí ata lílọ̀. Láti ibẹ̀ ni oúnjẹ alẹ́ ti máa ń yọjú. Fi ọ̀rọ̀ iná kún un: ojú ìdáná mélòó, gáàsì sì kù tó báwo.

Ti iye ènìyàn kò le. Ya àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọdé, kí o sì béèrè bóyá ẹnì kan máa gbé lára rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́la.

Jẹ́ ká mú ẹnì kan yẹ̀ wò. Ìyá Bọ́lá fi ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ láago 6:05. O bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, ó sì fèsì pé: bàbá ọkọ òun ní àtọ̀gbẹ, oògùn oníhóró ni wọ́n ń lò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹun láago 7:15, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí òun rà lánàá ti ń rọ, ẹ̀wà olóyin wà, èlùbọ́ wà, ẹja gbígbẹ wà, ata bíbọ̀ wà nínú fíríìjì, ojú iná kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ó kù kó o mọ iye wọn: àgbà mẹ́ta, ọmọdé méjì. Èyí àbúrò, ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í fẹnu kan ata.

Ẹ̀wà ló máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn, ó sì dára fún Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà olóyin tí a kò rẹ lè pé wákàtí kan lórí iná, ojú iná kan ṣoṣo tó wà yóò sì há. Bó bá tún yára da ata àti tòmátì sí i kó tó rọ̀, kíkan tòmátì kò ní jẹ́ kí èèpo rẹ̀ rọ̀ bọ̀rọ̀. Fi ẹ̀wà sílẹ̀. Àmàlà àti ẹ̀fọ́ rírò ló bá aago mu.

Ọbẹ̀ ni kó kọ́kọ́ sè, kó ro àmàlà gbẹ̀yìn, torí ọbẹ̀ lè dúró, àmàlà á sì le bó bá tutù. Kó rẹ ẹja sínú omi gbígbóná oníyọ̀ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kó yọ eegun rẹ̀, kó sì fọ iyanrìn inú rẹ̀ dáadáa. Kó já ẹ̀fọ́, kó fọ̀ ọ́, kó da omi gbígbóná lé e lórí fún ìṣẹ́jú kan, kó sì fún omi rẹ̀ dànù pátápátá. Ibí yìí ni ẹ̀fọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń di olómi tooro. Wọ́n á fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á ní ó ti tán, tó bá dénú ìkòkò tán, omi tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde.

Epo pupa ìdá mẹ́ta ife mílíìkì kan tó. Kó dín àlùbọ́sà nínú rẹ̀, kó da ẹja díẹ̀ àti ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀fọ́ kan sí i, kó rò ó pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó sì bù ú sínú abọ́ kékeré. Ti ọmọ ọdún mẹ́rin nìyẹn, ata ò sì tíì wọ ìkòkò. Ẹ̀yìn náà ni kó da ata bíbọ̀ àti ṣíbí irú kan sí epo tó kù, kó jẹ́ kó dín fún bí ìṣẹ́jú 12. Bí epo bá ti léfòó tí kíkan ata sì ti lọ lẹ́nu, ó ti jinná. Kó wá da ẹja àti ẹ̀fọ́ tó kù sí i, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Bó bá yá kánkán, nǹkan bí aago 6:55 ni yóò gbé omi àmàlà kaná. Ife èlùbọ́ mẹ́ta tó àwọn márààrún. Omi máa ń tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ṣùgbọ́n èlùbọ́ kì í mu omi bákan náà, nítorí náà kó bu omi gbígbóná díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi gbọ́dọ̀ hó kutukutu kó tó da èlùbọ́ sí i. Bí kò bá tíì hó dáadáa, tàbí tí kò bá tètè rò ó, kókó ló máa kó. Lẹ́yìn tó bá ti fi ọmọrogùn rò ó tó dán, kó ta omi gbígbóná díẹ̀ sí i, kó dé e lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó tún un rò. Fún Bàbá, òkèlè kan tí kò ju ẹ̀ṣẹ́ wọn lọ, ẹ̀fọ́ àti ẹja ni kó kún àwo wọn.

Nígbà mìíràn, ẹni tó béèrè kò ní fèsì mọ́. Má bínú sí i, ó ṣeé ṣe kó wà nínú mọ́tò. Fún un ní oúnjẹ kan ṣoṣo pẹ̀lú àdéhùn rẹ̀: “Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, tí ẹ ní ìṣẹ́jú 40, tí ẹyin kò sì ṣe ẹnikẹ́ni, ẹ se iṣu, kí ẹ din ata pẹ̀lú ẹyin.” Èyí tí kò bá bá tirẹ̀ mu, òun fúnra rẹ̀ á rí i. Àmọ́ bó bá ti sọ pé àlejò ló ń bọ̀, tí kò sì dáhùn ọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọn kì í jẹ, pè é lórí fóònù kó o tó dárúkọ oúnjẹ kankan.

Ní ìwé kan tí wàá máa kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú àìsàn àti èèwọ̀ tí wọ́n bá sọ. Nígbà tí wọ́n bá tún béèrè, ohun tí wàá bi wọ́n ò ní ju “Ṣé nǹkan kan ti yàtọ̀?” lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, béèrè ohun tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò. Bí Ìyá Bọ́lá bá ní àmàlà kù tó òkèlè méjì tí ọbẹ̀ sì ti tán pátá, ife èlùbọ́ méjì àbọ̀ ni wàá sọ fún un lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ̀fọ́ sì lé sí i.

Kí ọkọ rẹ fún mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ