Àgbà márùn-ún ló bi ọmọ kan ní ìbéèrè, kò sẹ́ni tó kọ ohun tó sọ sílẹ̀

Olóòtú,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, mi ò sì ní fi bò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní àdúgbò wa ní Ìkòròdú, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan lọ bá tíṣà rẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde lọ jẹun, ó ní ibi tí òun fi ń tọ̀ ń dun òun, ó ní Bọ̀ọ̀dá ló ṣe é. Gbólóhùn méjì péré. Kí ilé ìwé tó pa dé lọ́jọ́ náà, àgbà márùn-ún ti bi ọmọ yìí ní ìbéèrè, wọ́n ti fóònù ẹni tí wọ́n rò pé ó dárúkọ, wọ́n sì ti ní kó máa lọ sílé kan náà tí ọkùnrin náà ń gbé. Ìyá rẹ̀ sáré wá bá mi lálẹ́ torí ó mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ọmọ ò lanu sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe bi í, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Tíṣà àkọ́kọ́ ní, "Ṣé bọ̀ọ̀dá tó ń gbé lọ́dọ̀ yín ni?" Ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Tíṣà kejì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àbí bọ̀ọ̀dá tó ń kọ́ yín ní lẹ́sìn ni?" Ọmọ tún ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹnìkẹta ní ṣé lálẹ́ ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnìkẹrin ní ṣé kì í ṣe ọ̀sán ni, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tó dé iwájú hẹ́dìmáàsítà, bàbá náà gbé Bíbélì lé e lọ́wọ́ pé kó búra, ó wá bi í pé, "Kí ló dé tí o ò pariwo?" Ọmọ bú sẹ́kún, ó ní irọ́ lòun pa. Hẹ́dìmáàsítà yíjú sí àwọn tíṣà yòókù, ó ní ṣé ẹ ti gbọ́.

Kí ni wọ́n gbọ́? Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá ni. A ti kọ́ ọ láti kékeré pé bí àgbà bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni sà, kò gbọdọ̀ já àgbà nírọ́. Ìbéèrè tí ìdáhùn bá ti wà nínú rẹ̀, ìdáhùn yẹn náà ló máa dá padà fún yín. Bí ẹ bá tún un bi, á rò pé èyí tí òun kọ́kọ́ sọ kò tẹ́ yín lọ́rùn, á wá òmíràn fún yín. Bí ẹ bá sì ní "kí ló dé tí o ò ṣe báyìí", ohun tó máa gbọ́ ni pé òun ló jẹ̀bi. Àgbà márùn-ún, ọ̀rọ̀ márùn-ún, wọ́n wá ní ọmọ ló ń purọ́!

Ìyà rẹ̀ ò mọ lórí ọmọ nìkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wọn ní lẹ́sìn, tí ọmọ ò dárúkọ rẹ̀ rárá títí tíṣà fi fi sí i lẹ́nu, orúkọ rẹ̀ ti kan ìparí àdúgbò kó tó di ọjọ́ kejì, díẹ̀ ló kù kí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò lù ú pa. Ẹni tó ń gbé nílé wọn náà, tí hẹ́dìmáàsítà fóònù pé kó wá sọ tẹnu ẹ̀, ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Mi ò sọ pé òun ló ṣe é, iṣẹ́ kóòtù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n pè é?

Ohun tó yẹ kí tíṣà àkọ́kọ́ ṣe kò le. Kó mú ọmọ jókòó síbi tó dákẹ́, kó má ṣe ké "Yéè, mo gbé!" torí bí ọmọ bá ti rí ẹ̀rù lójú àgbà, ó parí. Kó ní, "Sọ fún mi, kí ló ṣẹlẹ̀?" Kó wá dákẹ́. Bí ọmọ bá dúró, kó ní, "Kí ló tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?" Bí ọmọ bá ní Bọ̀ọ̀dá, kó ní, "Bọ̀ọ̀dá wo ni?" Kó má ka orúkọ sí i létí. Tó bá ti mọ ohun tí ọmọ ní ó ṣẹlẹ̀, ẹni tó dárúkọ, àti bóyá ibi tí ọmọ ń lọ lálẹ́ yẹn léwu fún un, kó dúró níbẹ̀. Ìwádìí yòókù, àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló ni ín. Kó má sì ṣèlérí fún ọmọ pé òun ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni, torí ó pọn dandan kó sọ. Kó sọ òótọ́ fún un: "O ṣe dáadáa tí o sọ fún mi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Mo máa sọ fún àwọn tó lè ràn wá lọ́wọ́."

Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni mò ń ṣe, kó lọ wo Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, abala 209. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í búra ní kóòtù, kóòtù ò sì lè torí ẹ̀rí ẹnu rẹ̀ nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àfi kí ẹ̀rí mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ni pé ohun gbogbo tó yí ọ̀rọ̀ ọmọ ká ló ṣe pàtàkì: pátá, ìwé dókítà, ẹni tó rí i tó ń tiro. Bí ẹ̀yin sì ti fi ìbéèrè sọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ di oríṣi márùn-ún, lọ́yà kan ṣoṣo ló máa tò wọ́n síwájú adájọ́, ẹjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀rí ara náà fẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìwé sọ fún ìyá pé kó lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀, ó sì ṣe ohun tí ìyá máa ń ṣe: ó fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀ ẹ́, ó fọ pátá rẹ̀. Mi ò bá a wí. Kò sẹ́nì kan tó sọ fún un pé kó má tíì wẹ ọmọ, kó má fọ aṣọ, kó di aṣọ náà sínú àpò oníwèé, kì í ṣe inú ọ̀rá, torí ọ̀rá máa ń ká omi mọ́ ọn, á sì bu. Bó ti wẹ̀ ẹ́ náà, mo ní ká máa lọ. Oògùn tí wọ́n fi ń dènà kòkòrò éèdì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ibùdó Mirabel, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò pọ̀, wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà láti ọdún 2013, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, bí dókítà bá ní òun ò rí ọgbẹ́, kò túmọ̀ sí pé ọmọ purọ́. Ara ọmọdé máa ń tètè jiná, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sì ń fi ọmọ ṣe kì í dá ọgbẹ́ kankan sí i lára. Mo rí òbí tó gba ọmọ létí ní wọ́ọ̀dù nítorí pé "dókítà ò rí nǹkan kan".

Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò ńkọ́? Ní 2016, Gómìnà Akinwunmi Ambode buwọ́ lu àṣẹ kan nípa ààbò ọmọdé. Ilé ìwé àti gbogbo ibi tó ń tọ́jú ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó gbọ́dọ̀ ní ìlànà ààbò ọmọ, òṣìṣẹ́ tó bá sì fura pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí. Kò ní kó kọ́kọ́ ní ẹ̀rí tó dájú. Ìfura ti tó. Hẹ́dìmáàsítà wa lóun ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, mo sì gbà á gbọ́, torí àwọn tó ń wá bẹ ilé ìwé wò, ọ̀dà ara ògiri ni wọ́n ń wò. Ní téṣàn tí ìyá ọmọ kọ́kọ́ lọ, ẹni tó wà ní kántà bi í pé ṣé ó fẹ́ tú ilé ọkọ rẹ̀ ká ni. Ẹ fi òfin sínú fáìlì, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún àgbà márùn-ún tó ń béèrè ìbéèrèkíbèéèrè.

Èmi ò bẹ̀ yín lówó. Ìwé kan ni mo fẹ́. Kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, ti ìjọba àti ti aládàáni, ní ìwé ẹlẹ́yìn líle kan tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí ojú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni má baà rí i ya, kó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, lọ́wọ́ tíṣà kan tí gbogbo ilé ìwé mọ̀. Ẹni tí ọmọ bá sọ̀rọ̀ fún ni kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó bá ẹlòmíràn sọ ọ́. Kó kọ ọjọ́, aago, ibi tí wọ́n wà, ẹni tó wà nítòsí. Kó kọ ìbéèrè tí òun bi ọmọ bó ṣe bi í gan-an, kó sì kọ ìdáhùn ọmọ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ bá ń sunkún, tàbí kò lè jókòó dáadáa, kó kọ ohun tó rí, kó má kọ èrò tirẹ̀ mọ́ ọn. Kó buwọ́ lù ú. Bó bá ṣèèṣì kọ ọ̀rọ̀ kan, kó fa ìlà kan lé e lórí, kó má pa á rẹ́. Kó má sì tún un dà kọ pé òun fẹ́ kó mọ́.

Èdè tí ọmọ fi sọ ọ́ ni kó fi kọ ọ́. Ìwé tí ilé ìwé yìí padà kọ ní ọjọ́ kẹta, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ ti sọ pé, "Wọ́n ní kí n wá bá àwọn ní yàrá." Ó ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó jù ú lọ ni. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ, ẹnì kan ṣoṣo ti di ọkùnrin púpọ̀. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ ní Yorùbá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó máa ṣì í kà.

Bó bá kọ ọ́ tán, kó pe àjọ ìpínlẹ̀ tó ń gbógun ti ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀, 08000333333, kì í gba owó lórí fóònù. Kó pè kí ọmọ tó kúrò lọ́gbà ilé ìwé, pàápàá bó bá jẹ́ pé ilé tí ọmọ ń padà sí ni ẹni tó dárúkọ wà. Kí wọ́n má pe ẹni náà. Kí wọ́n má pe ìpàdé ẹbí.

Ó tún yẹ kí ọlọ́pàá tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọmọdé wà ní téṣàn lọ́sàn-án lóru. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ àwọn tíṣà ní èyí kí wọ́n tó gbà wọ́n síṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwé bá wọlé ní sáà tó ń bọ̀, kí àwọn tó ń bẹ ilé ìwé wò béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun mìíràn: orúkọ tíṣà tó ń mójú tó o àti nọ́ńbà àjọ yìí ní ojú ewé àkọ́kọ́. Ilé ìwé tí kò bá ní, kí wọ́n má buwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkòròdú, Ìpínlẹ̀ Èkó.