Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ mi tó ń kọ ìtàn

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìyàgbà, Òwé, Ìjùmú, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ọ̀kún o.

Mo máa ń ka àwọn ìtàn tí ẹ ń kọ, inú mi sì ń dùn sí wọn. Ohun kan ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ ìtàn tó ti kọjá di èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹni, ẹ̀yin kan a fi “ń” síwájú gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ̀yin mìíràn a fi sí méjì, ẹ a sì gbàgbé ìyókù. Méjèèjì ló ń ba ìtàn jẹ́. Ẹ jẹ́ ká lo ìtàn oko kajú, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lágbègbè wa. Yorùbá ilé ìwé ni mo fi kọ ọ́. Ti ilé lè yàtọ̀.

“Lánàá, Fúnkẹ́ lọ sí oko kajú bàbá rẹ̀. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó sì ru agbọ̀n. Afẹ́fẹ́ ti gbọn èso sílẹ̀ lóru, ilẹ̀ sì tutù. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó ṣa èso, ó fọwọ́ lọ́ kóró kúrò lára wọn. Ó gbọ́ ìró ọ̀kadà, kò bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ pè é: ‘Mo rán Táyọ̀ sí ọ láàárọ̀, ṣé kò dé ni?’ Fúnkẹ́ gbé agbọ̀n, ó sì wá sílé.”

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀-ìṣe kankan, ẹ yọ “lánàá” kúrò, kí ẹ fi “báyìí” sí i. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, òun ni yóò máa fa òǹkàwé padà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan: ṣé iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ni, àbí ipò tí nǹkan wà? Lọ, sọ kalẹ̀, ṣa, pè, iṣẹ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì fẹ́ “ń”. Ṣùgbọ́n “tutù” ti jẹ́ ipò tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá kọ “ilẹ̀ ń tutù”, ohun tí ẹ sọ ni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di tútù lójú wa. Ẹ wo “wọ” pẹ̀lú. “Ó wọ bàtà rọ́bà” fi hàn pé bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Ó ń wọ bàtà rọ́bà” á jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti ń rìn lọ sóko. Bákan náà ni “ru” ṣe rí níhìn-ín.

Afẹ́fẹ́ ti ṣe tirẹ̀ kí Fúnkẹ́ tó dé, nítorí náà “ti gbọn” kò gbọdọ̀ yí padà. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu bàbá jáde náà kò yí. Bí ẹ bá sọ “mo rán” di “mò ń rán”, Táyọ̀ kò tíì kúrò nílé nìyẹn.

Báyìí ni ó ṣe yẹ kó jáde:

“Báyìí, Fúnkẹ́ ń lọ sí oko kajú bàbá rẹ̀. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó sì ru agbọ̀n. Afẹ́fẹ́ ti gbọn èso sílẹ̀ lóru, ilẹ̀ sì tutù. Ó ń sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó ń ṣa èso, ó ń fọwọ́ lọ́ kóró kúrò lára wọn. Ó ń gbọ́ ìró ọ̀kadà, kò bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ń pè é: ‘Mo rán Táyọ̀ sí ọ láàárọ̀, ṣé kò dé ni?’ Fúnkẹ́ ń gbé agbọ̀n, ó sì ń bọ̀ nílé.”

Ẹ ṣàkíyèsí “ó ń fọwọ́ lọ́”: ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé ara wọn lábẹ́ olùwà kan kì í gba “ń” méjì. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá ti tún “ó” sọ, ẹ tún “ń” sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ yín ti ń kọsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni “wá” di “bọ̀”, nítorí “ó ń wá” á jọ pé ó ń wá nǹkan tó sọnù. “Kò bojú wẹ̀yìn” dúró bó ṣe wà. A kì í sọ pé “kò ń bojú wẹ̀yìn”, “kì í bojú wẹ̀yìn” sì jẹ́ ìṣe rẹ̀ lójoojúmọ́.

Tí ẹ bá parí, ẹ fi bírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo “ó” tí kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Èyí tí kò bá ní “ń”, ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ Fúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn, ohùn á yí pẹ̀lú: “mo ṣa” di “mò ń ṣa”, “a ṣa” di “à ń ṣa”, ṣùgbọ́n “wọ́n” kò yí. Ẹ má fi àmì yẹn sílẹ̀.