Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ lórí Bọ́ọ̀sì Mẹ́rin tó wà ní Ọgbà Káńsù

Ọlọ́lá jùlọ, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,

Àwa olóyè ẹgbẹ́ onímọ́tò akérò ní gúúsù Kwara níbí ń kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa là ń gbé olùkọ́ lọ síbi iṣẹ́, àwa là ń gbé aláìsàn lọ sí Ìlọrin lóru, ọjà kan kò sì lè kún ní agbègbè yìí bí táyà wa kò bá yí. Bàbá lẹ jẹ́ fún wa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín la kọ́kọ́ wá.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, àwọn tásfọ́ọ̀sì káńsù wọ gáréèjì, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì mẹ́rin tó jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, wọ́n sì wà wọ́n lọ sí ọgbà káńsù. Bọ́ọ̀sì karùn-ún ọkùnrin náà ló ya wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá kan lọ́nà Àjàṣẹ́. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó kú. Ògiri àti fírísà tó bàjẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ náírà, wọ́n sì ní mẹ́rin yòókù kò ní jáde títí owó ìyá náà yóò fi pé.

Kì í ṣe pé onímọ́tò yìí kò ní inṣọ́ránsì o. Tẹ́lẹ̀, ìwé inṣọ́ránsì kan ṣoṣo ló kó ọkọ̀ márààrún rẹ̀ pọ̀, èyí tó rà ní Ìlọrin. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń kọ nọ́ńbà àti nọ́ńbà ṣàsí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gba sátífíkéètì tirẹ̀. Tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èrò tí ń sanwó ni àwọn ọkọ̀ náà ń gbé, àti pé dírẹ́bà èyíkéyìí tó ní láísẹ́ǹsì tó yẹ lè wà wọ́n. Ìyẹn ló dára fún wa, torí dírẹ́bà tó wa bọ́ọ̀sì yìí lónìí lè wa òmíràn lọ́la. Tó bá sì ra ọkọ̀ tuntun láàárín ọdún, yóò sọ fún wọn, yóò sanwó tó kù, wọn yóò fi kún ìwé kí ọkọ̀ náà tó gbérò; láti inú òfin inṣọ́ránsì 2003 ni a ti mọ̀ pé kò sówó, kò sí ààbò.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ iṣẹ́ káńsù gbé tábìlì kan sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì. Wọ́n ní ìwé kan fún ọkọ̀ márùn-ún kò yé àwọn, pé ẹni tí kò bá ra tiwọn kò ní kó èrò. Ọmọ ẹgbẹ́ wa jẹ́ kí tirẹ̀ tán, ó sì ra márùn-ún lórí tábìlì náà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà kì í ṣe ayédèrú: a tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí askniid.org, níbi tí wọ́n ti ń yẹ inṣọ́ránsì ọkọ̀ wò, ó sì jáde. Ṣùgbọ́n, Alága wa, ₦15,000 ni owó ọkọ̀ àdáni láti oṣù kìíní 2023. Ẹ̀yìn sátífíkéètì ló ti kọ ọ́ pé ọkọ̀ ilé ni, kì í ṣe ọkọ̀ tí ń gba owó èrò. Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà lọ, ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì dá wa lóhùn pé àwọn gba owó wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí bọ́ọ̀sì náà ń ṣe lọ́jọ́ náà kọ́ ni ohun tí àwọn dúró fún. Mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ni ìwé ọkọ̀ àdáni lásán ń dúró fún lórí dúkìá ẹlòmíràn. Bí ìwé tó yẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù náà ìbá ti san.

Ta ló yẹ kó mọ ìyàtọ̀? Ẹni tó ta ìwé ọkọ̀ ilé fún bọ́ọ̀sì tí èrò kún inú rẹ̀ níwájú rẹ̀ ni, àbí ẹni tí wọ́n fi ipá mú rà á? A kò dá yín lẹ́bi, Alága. A gbà pé wọn kò sọ ọ́ fún yín.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ jọ̀wọ́ tú bọ́ọ̀sì mẹ́rin náà sílẹ̀, kí ọkùnrin náà lè rí owó tí yóò fi tún ògiri ìyá náà ṣe. A ti bá ìyá náà sọ̀rọ̀, ó gbà. Kí ẹ pe aṣojú orí tábìlì náà wá síwájú yín kó ṣàlàyé, kí wọ́n sì gbé tábìlì náà kúrò. Kí ẹ sì pàṣẹ pé ìwé àpapọ̀ tó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ tó láti fi kó èrò.

Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gáréèjì àti tíkẹ́ẹ̀tì tí à ń já lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ má gbàgbé.

A ti bẹ àwọn dírẹ́bà pé kí wọ́n mú sùúrù di ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí wọn yóò ṣe lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, a kò lè búra lé e.

Àwa ọmọ yín nítòótọ́,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò Ẹgbẹ́